Nígbà tí OneDrive Bá Há sí “Processing changes”: Bí a Ṣe Ń Nu Ìrántí Rẹ̀ Láì Pàdánù Fáìlì

OneDrive ni ètò tí Microsoft ṣe kí fáìlì inú kọ̀ǹpútà àti ẹ̀dà rẹ̀ tó wà lórí sáfà lè máa bára dọ́gba nígbà gbogbo. SkyDrive ni wọ́n ń pè é tẹ́lẹ̀, kí wọ́n tó sọ ọ́ di OneDrive ní 2014. Ó ti ń bá Windows 10 àti Windows 11 wá láti ilé iṣẹ́, ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń lò ó láì mọ̀ pé àwọn ń lò ó. Kọ̀ǹpútà tuntun á béèrè ímeèlì, ẹni tó rà á á tẹ̀ ẹ́ sí i, kó tó mọ̀, Desktop, Documents àti Pictures rẹ̀ ti bọ́ sínú OneDrive. Àmì àwọsánmà kékeré tó wà ní ìsàlẹ̀ ojú kọ̀ǹpútà, lápá ọ̀tún, lẹ́bàá aago, ló ń sọ bí iṣẹ́ ti ń lọ. Tí gbogbo nǹkan bá ti dọ́gba, àmì náà á dúró jẹ́ẹ́. Tí iṣẹ́ bá ń lọ, ọfà kékeré á máa yí po lára rẹ̀, tí a bá sì tẹ àmì náà, “Processing changes” la sábà máa ń rí níbẹ̀. Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ yìí wà fún ìṣẹ́jú díẹ̀ kó sì kúrò. Ṣùgbọ́n nígbà mìíràn, yóò wà níbẹ̀ láàárọ̀, yóò wà níbẹ̀ lálẹ́, ilẹ̀ ọjọ́ kejì á mọ́ bá a, fáìlì kan ṣoṣo kò sì ní kúrò níbi tó wà.

Lásìkò tí ọ̀rọ̀ yẹn bá wà níbẹ̀, kì í ṣe pé ètò náà ń gbé fáìlì lọ tàbí bọ̀. Ó ń wo ohun tó yẹ kó gbé ni. Nǹkan mẹ́ta ló ń fi wéra: ohun tó wà nínú fódà lórí dísíkì, ohun tí sáfà sọ pé ó wà lọ́dọ̀ òun, àti ìwé àkọsílẹ̀ tí ètò náà fúnra rẹ̀ kọ nígbà tí apá méjèèjì bára dọ́gba kẹ́yìn. Ẹ̀kẹta yìí ni olùlò kì í rí, òun gan-an ló sì ṣe kókó jù. Ká ní fáìlì kan wà lórí sáfà tí kò sí nínú fódà. Ó lè jẹ́ pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi í sórí sáfà láti kọ̀ǹpútà mìíràn ni, tó fi yẹ kí á gbà á wá. Ó sì lè jẹ́ pé olùlò ti pa á rẹ́ nínú fódà, tó fi yẹ kí á pa á rẹ́ lórí sáfà náà. Bí a bá wo apá méjèèjì lásán, a kò lè mọ èwo ni. Ó dà bí oníṣòwò tó ní ṣọ́ọ̀bù àti ilé ìkẹ́rù: bí ó bá rí páálí kan nílé ìkẹ́rù tí kò rí irú rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù, àfi kó ṣí ìwé ọjà kó tó mọ̀ bóyá wọ́n ti tà á ni tàbí wọn kò tíì gbé e dé ṣọ́ọ̀bù rí. Ìwé àkọsílẹ̀ OneDrive ló ń ṣe iṣẹ́ ìwé ọjà yẹn.

Ìwé yìí, pẹ̀lú àwọn fáìlì kéékèèké mìíràn tí ètò náà fi ń rántí ibi tó bá iṣẹ́ dé, ni àwọn tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe máa ń pè ní káàṣì OneDrive. Tí wọ́n bá ní “nu káàṣì rẹ̀”, ohun tí wọ́n ń sọ ni pé kí ètò náà gbàgbé gbogbo ohun tó ti kọ sílẹ̀, kó tún fojú ara rẹ̀ wo apá méjèèjì láti ìbẹ̀rẹ̀, kó sì kọ ìwé tuntun. Fáìlì olùlò kò sí lára ohun tí wọ́n ń nù. Ìyàtọ̀ yìí ni gbogbo ìṣọ́ra tó wà nínú ọ̀rọ̀ náà dá lé, nítorí pé fódà méjì ló ń jẹ́ OneDrive lórí kọ̀ǹpútà kan náà. Àkọ́kọ́ wà nínú ilé olùlò gan-an, `C:\Users\`, lẹ́yìn náà orúkọ olùlò, lẹ́yìn náà `OneDrive`. Ibẹ̀ ni ìwé, fọ́tò àti iṣẹ́ ẹni wà. Èkejì fara pamọ́ sí `%localappdata%\Microsoft\OneDrive`. Ibẹ̀ ni ìwé àkọsílẹ̀ ètò wà, nínú fódà `settings`, tí àkọsílẹ̀ ìṣẹ̀lẹ̀ ojoojúmọ́ sì wà nínú fódà `logs`. Ẹni tó gbọ́ pé kí òun lọ pa “fódà OneDrive” rẹ́, tó wá lọ sí ti àkọ́kọ́, kò nu káàṣì kankan o. Fáìlì rẹ̀ ló ń pa rẹ́, ètò náà á sì fi òótọ́ inú gbé ìparẹ́ náà lọ sórí sáfà, láti ibẹ̀ dé gbogbo kọ̀ǹpútà mìíràn tó so mọ́ àkáǹtì yẹn. Bí irú èyí bá ti ṣẹlẹ̀, kí a yára lọ sí Recycle bin tó wà lórí ojú-ewé OneDrive ní íńtánẹ́ẹ̀tì. Ọgbọ̀n ọjọ́ ni fáìlì fi ń wà níbẹ̀ fún àkáǹtì ti ara ẹni, àti ọjọ́ 93 fún ti ibi iṣẹ́ tàbí ilé-ìwé, àyàfi tí alábòójútó ibẹ̀ bá yí i padà.

Kí a tó sọ pé ètò há, ó yẹ kí á mọ̀ dájú pé kì í ṣe pé iṣẹ́ pọ̀ lọ́rùn rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ló ń fi ìkánjú ba iṣẹ́ tí kò bá ti parí fúnra rẹ̀ ní òru kan jẹ́. Kí a tẹ Ctrl, Shift àti Esc pọ̀, kí Task Manager lè ṣí, kí a wá wo ìlà tí wọ́n kọ Microsoft OneDrive sí. Tí nọ́ńbà CPU tàbí Disk tó wà níwájú rẹ̀ bá ń lọ sókè sódò, ètò náà ń ka fáìlì, kí a fi í sílẹ̀ kó máa ṣiṣẹ́ rẹ̀. Tí nọ́ńbà Network bá ń yí, ó ń bá sáfà sọ̀rọ̀. Tí gbogbo wọn bá wà lórí òdo fún wákàtí kan gbáko, tí “Processing changes” kò sì kúrò, ó há. Irú kẹta wà tó máa ń tan ènìyàn jẹ: nọ́ńbà ń yí, iye fáìlì tó kù ń dínkù, ṣùgbọ́n kó tó kan òdo, á tún gun òkè padà, bẹ́ẹ̀ ni yóò ṣe títí ilẹ̀ á fi ṣú. Èyí kì í sábà jẹ́ ẹ̀bi ìwé àkọsílẹ̀ rárá. Fáìlì kan wà níbì kan tó ń yí padà láìdúró.

Kí a tún yẹ àwọn ohun tó rọrùn wò. Bátìrì tó ti lọ sílẹ̀ tí Windows sì wà ní ipò ìfowópamọ́ iná, tàbí íńtánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ti sọ fún Windows pé wọ́n ń díwọ̀n dátà rẹ̀, lè mú kí OneDrive dá dúró fúnra rẹ̀. Ẹni tó ń fi fóònù pín íńtánẹ́ẹ̀tì fún láàpútọ́ọ̀pù mọ èyí dáadáa. Ààyè tó kún lórí sáfà náà ń dá iṣẹ́ dúró: gígabáìtì 5 péré ni àkáǹtì ọ̀fẹ́ ní, fọ́tò ìgbéyàwó kan ṣoṣo sì lè kún un. Orúkọ fáìlì lè jẹ́ ìdí. OneDrive kì í gba àwọn àmì wọ̀nyí nínú orúkọ: `" * : < > ? / \ |`. Ṣùgbọ́n irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀ sábà máa ń fi ara rẹ̀ hàn pẹ̀lú àmì pupa, kì í dákẹ́ sí “Processing changes”.

Ohun mẹ́ta ló sábà máa ń fa híhá gidi. Ọ̀kan ni kí fáìlì pọ̀ kọjá ààlà. Microsoft fúnra rẹ̀ dámọ̀ràn pé kí ohun tí a ń fi OneDrive mú dọ́gba má kọjá 300,000, fáìlì àti fódà lápapọ̀, kí iṣẹ́ má bàa falẹ̀, iye gígabáìtì kọ́ sì ni wọ́n ń sọ. Fídíò ńlá kan kò ni ètò náà lára tó fáìlì kéékèèké ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá. Èkejì ni fáìlì tí ètò mìíràn ṣí sílẹ̀ tó sì ń kọ nǹkan sínú rẹ̀ léraléra, irú bíi àpótí ímeèlì Outlook tó ń parí pẹ̀lú `.pst`, tàbí fáìlì ètò ìṣirò owó. OneDrive á bẹ̀rẹ̀ sí í kà á, kó tó kà á tán ó ti yí padà, á tún bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀kẹta ni kí ìwé àkọsílẹ̀ fúnra rẹ̀ bàjẹ́, èyí tó máa ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí kọ̀ǹpútà bá kú lójijì níbi tí ètò ti ń kọ nǹkan sínú rẹ̀ lọ́wọ́.

A lè fi oníṣẹ́ fọ́tò kan ní Abẹ́òkúta ṣe àpẹẹrẹ, nítorí pé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lè pàdé lórí kọ̀ǹpútà irú ẹni bẹ́ẹ̀. Bátìrì láàpútọ́ọ̀pù rẹ̀ ti kú, iná mànàmáná tààrà ló fi ń lò ó. Ó ń kó fọ́tò ìgbéyàwó ọjọ́ Sátidé láti inú kámẹ́rà lọ sínú Pictures nígbà tí iná lọ, láàpútọ́ọ̀pù sì kú. Nígbà tó tan jẹ́nẹ́rétọ̀, tí kọ̀ǹpútà dìde, “Processing changes” ló bá lójú OneDrive, kò sì kúrò títí di ọjọ́ Ajé. Láàárín ìgbà yẹn, ó ṣe iṣẹ́ rẹ̀ lọ: ó pa fọ́tò tí kò dára rẹ́, bí igba, nínú iṣẹ́ oṣù tó kọjá, ó sì tún àwọn mìíràn ṣe nínú Lightroom.

Lightroom yìí ni ohun àkọ́kọ́ tó yẹ kí ẹni tó mọ iṣẹ́ wò. Tí a kò bá yí i padà, inú Pictures ni Lightroom máa ń fi fódà tirẹ̀ sí, ní `Pictures\Lightroom`. Àkójọ iṣẹ́ tó ń parí pẹ̀lú `.lrcat` wà níbẹ̀, ó sì ń yí padà ní gbogbo ìgbà tí oníṣẹ́ bá fọwọ́ kan fọ́tò kan. Fódà kan tó ń parí pẹ̀lú `.lrdata` tún wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tí ó kún fún àwòrán kéékèèké tí Lightroom fi ń yára ṣí fọ́tò, wọ́n sì lè tó ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Nígbà tí OneDrive bá gba Pictures, ó gba gbogbo èyí pẹ̀lú rẹ̀, kò sì sí ẹni tó bi oníṣẹ́ léèrè. Bí wọ́n bá nu káàṣì tí wọ́n fi àkójọ yìí sílẹ̀ níbẹ̀, ètò náà á tún há kó tó pẹ́. Ohun tó tọ́ ni pé kí a kọ́kọ́ ti Lightroom pa. Lẹ́yìn náà, kí a tẹ bọ́tìnì ọ̀tún lórí fódà Lightroom náà, kí a yan “Always keep on this device”, kí ó lè dá wa lójú pé gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ wà lórí dísíkì ní tòótọ́. Kí a wá ṣe ẹ̀dà rẹ̀ lọ sí ibi tí OneDrive kò dé, bíi `C:\Lightroom`, kí a ṣí `.lrcat` tuntun náà láti ibẹ̀. Fọ́tò fúnra wọn kò kúrò níbi tí wọ́n wà, nítorí náà Lightroom á rí wọn. Ìgbà tí a bá ti rí i pé ó ń ṣiṣẹ́ ni kí a tó pa èyí tó wà nínú Pictures rẹ́.

Fún ọ̀pọ̀ ènìyàn, iṣẹ́ á ti parí síbẹ̀. Kí a tẹ àmì àwọsánmà, kí a yan “Pause syncing”, kí a tún sọ fún un pé kó máa bá iṣẹ́ lọ. Tí kò bá gbọ́, kí a yan “Quit OneDrive”, kí a tún ṣí i láti Start. Kí a fi òru kan sí i. Ti oníṣẹ́ fọ́tò wa kò gbọ́, Task Manager sì fi hàn pé òdo ni gbogbo rẹ̀, nítorí pé ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀ bàjẹ́ nígbà tí iná lọ. Ó di dandan kí a nù ún.

Ohun tí a máa ṣe ṣáájú nínù ṣe pàtàkì ju nínù fúnra rẹ̀ lọ. Nínú File Explorer, kí a ṣí fódà OneDrive, kí a wo òpó tí wọ́n kọ Status sí lórí. Àmì mẹ́rin ló yẹ kí á mọ̀ níbẹ̀. Àwọsánmà aláwọ̀ búlúù túmọ̀ sí pé orí sáfà nìkan ni fáìlì yẹn wà; ohun tó wà lórí dísíkì kò ju orúkọ rẹ̀ lọ. Ẹni tó bá fẹ́ rí i dájú lè tẹ bọ́tìnì ọ̀tún lórí rẹ̀, kó yan Properties: iye tó wà níwájú “Size” á tóbi, ṣùgbọ́n èyí tó wà níwájú “Size on disk” á jẹ́ òdo. Àmì ewé tútù tó ní “máàkì” nínú túmọ̀ sí pé ó wà níhìn-ín, ó sì wà lọ́hùn-ún. Ọfà búlúù tó ń yí po túmọ̀ sí pé kò tíì lọ. Àmì pupa túmọ̀ sí pé ó kọ̀ láti lọ. Méjì ìkẹyìn yìí ni ewu wà lára wọn, nítorí pé ẹ̀dà kan ṣoṣo ló wà láyé, orí dísíkì yìí sì ni. Fọ́tò ìgbéyàwó ọjọ́ Sátidé náà ní ọfà búlúù, gbogbo wọn pátá. Kí a tẹ orí òpó Status kí irú wọn lè kóra jọ síbì kan, kí a ṣe ẹ̀dà wọn sórí dísíkì àfikún tàbí fílásì, kí a ṣí méjì tàbí mẹ́ta lára ẹ̀dà náà láti rí i pé wọ́n pé. Ẹ̀dà la sọ o, a ò sọ pé kí a gbé wọn kúrò.

Kò sí ìdí láti ṣe ẹ̀dà gbogbo OneDrive. Ẹni tó bá gbìyànjú rẹ̀ á rí i pé gbogbo fáìlì tó ní àwọsánmà búlúù ni Windows á bẹ̀rẹ̀ sí í gbà wá láti sáfà, dátà á tán, dísíkì á sì kún. Dípò bẹ́ẹ̀, kí a wọ onedrive.live.com nínú bíráwúsà, kí a yẹ fódà mélòó kan wò níbẹ̀. Ohun tí a bá rí níbẹ̀ kò lè tipa káàṣì sọnù. Kí a tún kọ ọ́ sílẹ̀ bí a bá ti yan fódà kan pé kó má wá sórí kọ̀ǹpútà yìí, nítorí pé ètò náà á gbàgbé ìyẹn náà.

Bí a bá ti ṣe èyí tán, nínù kò le. Kí a di bọ́tìnì Windows mú, kí a tẹ R, fèrèsé kékeré kan á ṣí. Kí a tẹ èyí sínú rẹ̀, kí a tẹ Enter:

```
%localappdata%\Microsoft\OneDrive\onedrive.exe /reset
```

Tí Windows bá fèsì pé òun kò rí irú fáìlì bẹ́ẹ̀, kò sóhun tó bàjẹ́. Ibi tí gbogbo olùlò kọ̀ǹpútà ti lè lò ó ni wọ́n fi OneDrive sí. Èyí la máa lò dípò rẹ̀:

```
C:\Program Files\Microsoft OneDrive\onedrive.exe /reset
```

Lórí kọ̀ǹpútà tó ti pẹ́, ó lè jẹ́ `Program Files (x86)` ló máa wà níbẹ̀. Àmì àwọsánmà á pòórá. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, ó yẹ kó padà wá fúnra rẹ̀. Tí kò bá padà, kí a tún tẹ ìlà kan náà láì fi `/reset` sí i, yóò sì dìde. Ó lè béèrè ímeèlì àti ọ̀rọ̀ ìpamọ́. Tó bá béèrè ibi tí fódà OneDrive yóò wà, tó sì sọ pé ọ̀kan ti wà níbẹ̀, kí a gbà pé fódà yẹn gan-an la fẹ́ lò. Ẹni tó bá yan ibòmíràn á ní fódà méjì, á sì fi dátà gba ohun tó ti ní tẹ́lẹ̀. Ẹni tó ní àkáǹtì ti ara rẹ̀ àti ti ibi iṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà kan náà yẹ kó mọ̀ pé méjèèjì ni àṣẹ yìí kàn.

Kí nìdí tí a kò fi lọ sínú fódà `settings` kí a fi ọwọ́ ara wa pa ohun tó wà níbẹ̀ rẹ́? Àwọn kan ń ṣe é, ó sì ń ṣiṣẹ́ fún wọn nígbà mìíràn. Ṣùgbọ́n bí ètò náà bá ṣì ń ṣiṣẹ́ lábẹ́lẹ̀ nígbà tí a ń pa fáìlì rẹ́, ìdajì á lọ, ìdajì á kù, ìwé tó ti bàjẹ́ á sì tún bàjẹ́ sí i. `/reset` máa ń dá ètò náà dúró kó tó nu ohunkóhun, ó sì mọ ohun tó yẹ kó fi sílẹ̀. Kò sí èrè nínú ọ̀nà kejì tí a kò lè rí nínú ti àkọ́kọ́.

Ohun tó ń já ọ̀pọ̀ ènìyàn láyà ni pé “Processing changes” ni ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí wọ́n tún máa rí lẹ́yìn nínù. Lọ́tẹ̀ yìí, òótọ́ ló ń sọ. Ètò náà kò rántí nǹkan kan mọ́, ó ní láti ka fáìlì kọ̀ọ̀kan tó wà lórí dísíkì, kó ṣe ìṣirò tó fi ń dá a mọ̀, kó fi wé èyí tí sáfà ní. Bí méjèèjì bá jẹ́ ọ̀kan náà, á kàn kọ ọ́ sínú ìwé tuntun, kò ní gbé e lọ, kò ní gbà á wá. Ìdí nìyí tí dísíkì fi máa ń ṣiṣẹ́ gan-an nígbà náà tí dátà kò sì fi bẹ́ẹ̀ lọ. Fún fọ́tò ẹgbẹẹgbẹ̀rún, iṣẹ́ yìí lè gba wákàtí púpọ̀, pàápàá tí dísíkì bá jẹ́ ti àtijọ́ tó ń yí. Ẹni tó bá tún tẹ `/reset` lẹ́yìn wákàtí méjì nítorí pé ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀ ti sọ gbogbo ohun tí ètò náà kà dòfo. Task Manager ni kí a máa wò, kì í ṣe ọ̀rọ̀ tó wà lára àwọsánmà. Kí a má sì jẹ́ kí kọ̀ǹpútà sùn. Bí iná kò bá ṣeé gbọ́kàn lé, kí a bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà nígbà tí inverter bá kún tàbí tí epo bá wà nínú jẹ́nẹ́rétọ̀.

Nígbà tó bá parí, ohun méjì lè dà bí ẹni pé ó ṣàjèjì, wọn kò sì ṣẹlẹ̀ ní asán. Èkíní ni pé ohun tí a ti pa rẹ́ lè padà wá. Igba fọ́tò tí oníṣẹ́ wa pa rẹ́ nígbà tí ètò há kò tíì kúrò lórí sáfà. Ìwé tó lè sọ fún OneDrive pé wọ́n ti wà níhìn-ín rí ni a ti nù, nítorí náà á kà wọ́n sí fọ́tò tuntun, á sì dá wọn padà sínú fódà. Bákan náà, ohun tí a pa rẹ́ lórí sáfà láti kọ̀ǹpútà mìíràn lákòókò yẹn, tó ṣì wà lórí dísíkì yìí, lè gun orí sáfà padà. Kí a kàn tún pa wọ́n rẹ́ ni. Èkejì ni fáìlì oníbejì. Bí ìwé kan bá yàtọ̀ ní apá méjèèjì, ètò náà kò mọ èyí tó jẹ́ tuntun, á fi méjèèjì sílẹ̀, á sì fi orúkọ kọ̀ǹpútà kún ìparí orúkọ ọ̀kan nínú wọn. Kí a ṣí méjèèjì, kí a fi èyí tó pé sílẹ̀. Ẹni tó bá sọ pé òun fẹ́ pa gbogbo èyí tó ní orúkọ kọ̀ǹpútà rẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà lè pa iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́ta rẹ́, nítorí pé ẹ̀dà tí kò tíì lọ lè wà lára wọn.

Bí ó bá jẹ́ fáìlì Word tàbí Excel nìkan ló há, tí gbogbo ìyókù ń lọ, káàṣì mìíràn ló ń ṣe é. Office ní tirẹ̀ lọ́tọ̀, a sì ń nù ún láti inú Word fúnra rẹ̀: File, Options, Save, lẹ́yìn náà “Delete cached files”. Kí a rí i pé kò sí ìwé tó ń dúró láti lọ kí a tó tẹ̀ ẹ́. Lórí Mac, kò sí `/reset`. Nínú àpò ètò OneDrive, ní `Contents/Resources`, ni a ti máa rí fáìlì kan tí orúkọ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú `ResetOneDriveApp`, òun la máa ṣí.

Ohun tí a sọ yìí kò ṣeé gbé lọ sórí ètò mìíràn bẹ́ẹ̀ lásán. Dropbox ní fódà kan tó fara pamọ́ tó ń jẹ́ `.dropbox.cache`, tó ń nu ara rẹ̀ láti ìgbà dé ìgbà, a sì lè nu ohun tó wà nínú rẹ̀ fúnra wa láì sí ewu fún fáìlì tó wà nínú Dropbox. Google Drive lórí kọ̀ǹpútà yàtọ̀ gan-an, òun ló sì yẹ kí á bẹ̀rù. Nígbà tí a bá ń lò ó lọ́nà tí fáìlì fi ń wà lórí sáfà tí kọ̀ǹpútà kàn ń fi hàn bíi dísíkì mìíràn, kò sí fódà gidi kankan tí fáìlì tuntun ń gbé. Inú káàṣì, ní `%localappdata%\Google\DriveFS`, ni ohun tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fi sí i máa ń wà títí yóò fi dé sáfà. Ẹni tó bá pa fódà yẹn rẹ́ nígbà tí ohun kan ń dúró nínú rẹ̀ ti pa ẹ̀dà kan ṣoṣo tó wà rẹ́, kò sì ní rí i nínú Recycle bin kankan. Lórí OneDrive, a lè nu káàṣì ká tó ronú, kí ọ̀rọ̀ náà má sì ju àkókò tó ṣòfò lọ. Lórí Google Drive, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan káàṣì rẹ̀ kó tó kọ́kọ́ ṣe ẹ̀dà fáìlì tó ń dúró jáde sórí dísíkì gidi.